Bí A Ṣe Ń Ra Káàdì Ìwọkọ̀ Lọ́wọ́ Ẹ̀rọ, Tí A sì Ń Fi Í Wọlé Tí A Fi Ń Jáde, Nínú Réluwéè Abẹ́ Ilẹ̀ Ìlú Lọ́ńdọ̀nù

Kò sí ọdún kan tí àwọn ìyá àti bàbá láti Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́, Ìlíṣàn àti Ìpẹru kì í rìnrìn àjò lọ sí ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan ń lọ bá ọmọ wọn wẹ ọmọ tuntun, àwọn mìíràn ń lọ síbi ìgbéyàwó, àwọn mìíràn sì ń lọ fún ìpàdé ìjọ. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń lọ bá jẹ́ òṣìṣẹ́, ọ̀gá wọn kì í sì í fìgbà gbogbo yọ̀ǹda wọn láti wá pàdé òbí ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow. Nítorí náà ni àgbàlagbà tí ó ti ń wọ ọkọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀ fi ń bá ara rẹ̀ níwájú ẹ̀rọ kan tí kò gbọ́ èdè rẹ̀, tí èrò sì tò sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àlàyé yìí wà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, àti fún àlùfáà tí àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ máa ń wá bi léèrè kí wọ́n tó gbéra.

Ní ìkóríta Ṣágámù, ẹ ó kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ ná, kọ́ńdọ̀ yóò sì gba owó nígbà tí ọkọ̀ bá ti ń lọ. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀ kí ẹ tó dé ibi tí ẹ san owó rẹ̀, ẹ ó pariwo, awakọ̀ yóò sì dúró. Ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sí ẹni tí yóò gba owó lọ́wọ́ yín nínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀. Àwọn fèrèsé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jókòó sí tẹ́lẹ̀ láti ta tíkẹ́ẹ̀tì ní àwọn ibùdókọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni àjọ tí ń darí ìrìnnà ìlú náà, Transport for London, tì pa láàárín ọdún 2014 sí 2015. Ẹ̀rọ ni ó rọ́pò wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ṣì wà nínú gbọ̀ngàn ibùdókọ̀ tí wọ́n wọ aṣọ iṣẹ́, iṣẹ́ wọn sì ni láti dúró ti ẹni tí ẹ̀rọ bá rú lójú. Àwọn ni kí ẹ bi. Ẹ má ṣe bi ẹni tí kò wọ aṣọ iṣẹ́ tí ó sáré wá láti bá yín tẹ ẹ̀rọ.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí a mọ̀ kí a tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ rárá. Àwọn olùṣètò ti pín ìlú Lọ́ńdọ̀nù sí ẹkùn bí ìgbà tí a bá fa òbìrìkìtì kan yí òmíràn ká. Ẹkùn kìn-ín-ní ni àárín ìlú. Heathrow wà ní ẹkùn kẹfà, ní etí ìwọ̀ oòrùn. Bí iye ẹkùn tí ẹ là kọjá bá ṣe pọ̀ tó ni owó ọkọ̀ yín yóò ṣe pọ̀ tó. Ẹ̀rọ kò lè mọ iye ẹkùn tí ẹ là kọjá àfi bí ẹ bá fi ibi tí ẹ ti wọlé hàn án, tí ẹ sì tún fi ibi tí ẹ ti jáde hàn án. Gbogbo ìlànà tí ó tẹ̀ lé e, àti gbogbo àṣìṣe tí ń ná àwọn àlejò lówó, inú ọ̀rọ̀ kan yìí ni wọ́n ti ń jáde wá.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a lè gbà san owó. Èkíní ni tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé fún ìrìn kan ṣoṣo. Ó rọrùn láti lóye, ṣùgbọ́n ó wọ́n: láàárín ẹkùn kìn-ín-ní, iye rẹ̀ ju ìlọ́po méjì owó tí ẹni tí ó lo káàdì ń san lọ. Èkejì ni káàdì Oyster, káàdì aláwọ̀ búlúù tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2003, tí a ń kó owó sí nínú ṣáájú, bí a ti ń ra owó ìpè sí orí fóònù. Ẹ̀kẹta ni káàdì báǹkì tí ó ní àmì ìgbì mẹ́rin kékeré lára, èyí tí a kàn ń fi kan ojú ẹ̀rọ láìtẹ nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀. Ọdún 2014 ni réluwéè abẹ́ ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba irú rẹ̀. Iye kan náà ni ẹni tí ó lo Oyster àti ẹni tí ó lo káàdì báǹkì ń san fún ìrìn kan.

Bí ẹ̀kẹta bá ti rọrùn báyìí, kí ni a tún ń wá lọ sí ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú àpò àwa ará Nàìjíríà. Káàdì Verve, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń lò, kò sí lára àwọn tí géètì Lọ́ńdọ̀nù ń gbà. Káàdì náírà tí ó jẹ́ ti Visa tàbí Mastercard lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ báǹkì yín ni ó wà. Ní ọdún 2022, púpọ̀ nínú àwọn báǹkì wa dá ìlò káàdì náírà ní òkè òkun dúró. Ọdún 2025 ni àwọn kan nínú wọn tún ṣí i, pẹ̀lú òdiwọ̀n iye tí ènìyàn lè ná. Ẹni tí kò bá tíì bá báǹkì rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí ó tó wọ bàálù kò gbọdọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé e. Ní tèmi, Oyster ni mo máa ń gba àwọn àgbàlagbà níyànjú láti rà, nítorí pé owó tí ó wà nínú rẹ̀ kò pọ̀ ju ohun tí ẹ fi sí i lọ. Bí ó bá sọnù, kò sí ẹni tí yóò ti ibẹ̀ dé inú àpamọ́ owó yín ní báǹkì.

Ẹ jẹ́ kí a wá tẹ̀ lé ìyá kan láti Heathrow lọ sí ilé ọmọ rẹ̀. A ó pe ọ̀nà náà bí ó ti rí gan-an. Ọmọ rẹ̀ ń gbé ní ìtòsí ibùdókọ̀ Deptford Bridge, ní gúúsù ìlà oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ní apá ibi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí. Ìyá náà sọ̀ kalẹ̀, ó gba ẹrù rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé pátákó tí ó ní òbìrìkìtì pupa tí igi búlúù dábùú rẹ̀. Àmì yẹn ni ti réluwéè abẹ́ ilẹ̀.

Ní Heathrow, oríṣi ọkọ̀ ojú irin mẹ́ta ni ó ń lọ sí àárín ìlú, iye owó wọn sì jìnnà sí ara wọn. Ọ̀nà tí a ń pè ní Piccadilly, tí wọ́n fi àwọ̀ búlúù dúdú ya sórí àwòrán ọ̀nà, ni ó rọ̀ jù lọ: £5.80 ni láti Heathrow dé àárín ìlú ní ọdún 2025. Ọ̀nà Elizabeth, tí wọ́n ya ní àwọ̀ elésè àlùkò, yá ju Piccadilly lọ, ṣùgbọ́n £13.90 ni owó rẹ̀ ní ọdún kan náà. Ẹ̀kẹta ni Heathrow Express, tí ó yá jù lọ tí ó sì wọ́n jù lọ. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa: pẹpẹ kan náà ni ọkọ̀ Elizabeth àti Heathrow Express ti ń gbé èrò. Ẹni tí ó bá kàn rí ọkọ̀ tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, tí ó wọ̀ ọ́ láìka orúkọ tí ó wà lára pátákó, lè rí owó ńlá tí wọ́n yọ lórí káàdì rẹ̀ nígbà tí ó bá jáde ní Paddington. Ìyá tiwa gba ọ̀nà Piccadilly, nítorí náà ẹ̀rọ tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà Piccadilly ni ó lọ bá.

Ẹ̀rọ náà ga, ojú rẹ̀ dàbí ti tẹlifíṣọ̀n kékeré, ìka sì ni a fi ń tẹ̀ ẹ́. Kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ wò bóyá ó ń gba owó níná. Àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọn kì í gba nǹkan kan ju káàdì báǹkì lọ, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sí ara wọn. Èdè tí ẹ̀rọ náà ń sọ ju ọ̀kan lọ, ẹ sì lè yan òmíràn, ṣùgbọ́n kò sí Yorùbá níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ka Gẹ̀ẹ́sì, kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ti wà. Ẹ wá ibi tí ó bá ti dárúkọ Oyster tuntun, kí ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rọ yóò sọ iye tí káàdì fúnra rẹ̀ jẹ́. £7 ni láti ọdún 2022. Ní ọdún 2025 ni wọ́n sọ ọ́ di £10. Owó káàdì lásán nìyẹn, kì í ṣe owó ọkọ̀, wọn kì í sì í dá a padà. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀rọ yóò béèrè iye tí ẹ fẹ́ kó sí inú rẹ̀. Ìyá wa yan £20. Àpapọ̀ ohun tí ó san jẹ́ £30, ẹ̀rọ sì ti káàdì búlúù náà jáde láti inú ihò kan ní ìsàlẹ̀. Ìwé kékeré tí ó bá a jáde, kí ẹ tọ́jú rẹ̀.

Káàdì kan wà fún ẹnì kan. Mo mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa bàbá lè san owó fún ìyá, kí àwọn méjèèjì sì wọlé pọ̀, ṣùgbọ́n géètì kò mọ ọkọ mọ aya. Bí bàbá bá fi káàdì kan ojú ẹ̀rọ tí ó sì nawọ́ rẹ̀ sí ìyá pé kí òun náà lò ó, ẹ̀rọ yóò gbà pé ẹni tí ó ti wọlé ni ó tún fẹ́ wọlé, kò sì ní ṣí. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 11 ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ pẹ̀lú àgbàlagbà, láti ẹnu géètì tí ó fẹ̀. Ti àwọn ọmọ ọdún 11 sí 15 yàtọ̀: kí ẹ ra Oyster fún wọn, kí ẹ sì bẹ òṣìṣẹ́ ibùdókọ̀ kí ó fi ẹ̀dínwó àlejò ọmọdé sí i, tí yóò mú kí wọ́n máa san ìdajì fún ọjọ́ 14. Ẹ̀rọ kò lè dá èyí ṣe. Àwọn àgbàlagbà tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ń wọkọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tí ẹ ń gbọ́ nípa wọn, àwọn tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Àlejò kò sí nínú wọn.

Nísinsìnyí ìyá wa dé iwájú géètì. Ní apá ọ̀tún géètì kọ̀ọ̀kan ni àwo róbótó kan wà tí ó ní àwọ̀ ìyeyè. Apá ọ̀tún ni kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí àwo tí ó wà ní apá òsì yín, ti géètì kejì ni. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ òsì kan án yóò ṣí ọ̀nà fún ẹlòmíràn, géètì tirẹ̀ yóò sì wà ní títì. Ẹ tẹ́ káàdì lé àwo náà, kí ẹ jẹ́ kí ó dúró díẹ̀. Ẹ má ṣe fì í kọjá bí ẹni tí ń lé eṣinṣin. Iná aláwọ̀ ewé yóò tàn, géètì yóò sì ṣí. Ohun tí ẹ̀rọ ṣe ní àkókò yẹn ni pé ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé káàdì yìí wọlé ní Heathrow ní agogo báyìí. Ìjẹ́rìí àkọ́kọ́ nìyẹn.

Bí iná pupa bá tàn, tí ojú kékeré náà sì kọ SEEK ASSISTANCE, ó ń sọ pé kí ẹ lọ bá òṣìṣẹ́. Ohun tí ó máa ń fà á kò pọ̀. Bóyá owó inú káàdì kò tó. Bóyá ẹ yára gbé káàdì kúrò. Bóyá, èyí sì wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tí ń fi gbogbo àpamọ́wọ́ kan ẹ̀rọ, káàdì méjì ni ó wà nínú àpamọ́wọ́ náà tí àwo rí lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà mìíràn géètì kò tilẹ̀ ní kọ̀. Yóò yan ọ̀kan nínú káàdì méjèèjì fúnra rẹ̀, ó sì lè yan èkejì nígbà ìjáde. Ẹ yọ káàdì tí ẹ fẹ́ lò jáde kúrò nínú àpamọ́wọ́, kí ẹ tó dé ẹnu géètì, kí àwọn tí ó wà lẹ́yìn má bàa máa mí hẹlẹ.

Ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì oníwèé kò ní fi kan àwo. Ihò tẹ́ẹ́rẹ́ wà ní iwájú géètì tí yóò ti í bọ̀; yóò yọ jáde lórí géètì, géètì kò sì ní ṣí títí ẹ ó fi fà á yọ. Ẹ tọ́jú rẹ̀, nítorí òun náà ni ẹ ó fi jáde, géètì ìjáde yóò sì gbé e mì.

Ìyá wa wọ Piccadilly títí dé Holborn. Níbẹ̀ ni ó ti tẹ̀ lé àmì àwọ̀ pupa lọ sí ọ̀nà Central, ó sì wọ ọkọ̀ tí ń lọ sí ìlà oòrùn dé Bank. Ní Bank, ó tẹ̀ lé àmì DLR, ìyẹn ọkọ̀ ojú irin kékeré tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1987, tí kì í sábà ní awakọ̀ ní iwájú. Ní gbogbo ìyípadà wọ̀nyí, kò kan géètì kankan, kò sì fi káàdì kan nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí ó rí: níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì wà nínú ibùdókọ̀, ìrìn kan ṣoṣo ni ẹ ṣì ń rìn. Ní àwọn ibùdókọ̀ kan ẹ ó rí àwo mìíràn tí ó ní àwọ̀ pínkì ní àárín ọ̀nà. Kì í ṣe ti ìwọlé, kì í sì í ṣe ti ìjáde. Ó wà fún àwọn tí kò gba àárín ìlú kọjá, kí ẹ̀rọ lè mọ̀ pé ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n gbà, kí owó wọn sì dín kù.

Ọkọ̀ DLR tí ń lọ sí Lewisham ni ó gbé ìyá wa dé Deptford Bridge, lórí apá ọ̀nà tí wọ́n ṣí ní ọdún 1999. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ní Deptford Bridge, kò sí géètì. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní púpọ̀ nínú àwọn ibùdókọ̀ DLR. Ènìyàn yóò sọ̀ kalẹ̀ láti orí pẹpẹ, yóò sì bá ara rẹ̀ lójú títì, láìsí ohun kankan tí ó dá a dúró. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni òpó kékeré tí àwo ìyeyè wà lórí rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ẹni tí kò bá wá a kò ní rí i. Ọ̀pọ̀ àlejò tí géètì Heathrow ti kọ́ pé ẹ̀rọ ni yóò dá ènìyàn dúró máa ń rò pé níbi tí ẹ̀rọ kò ti dá wọn dúró, kò sí ohun tí ó kù láti ṣe. Wọn á gbé ẹrù wọn, wọn á sì máa lọ.

Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí owó ẹni bẹ́ẹ̀? Nígbà tí ó fi káàdì kan àwo ní Heathrow, ẹ̀rọ kò mọ ibi tí ó ń lọ. Nítorí náà ó kọ́kọ́ fi owó tí ó ga jù lọ dè é, bí ìgbà tí onílé bá gba owó ìdúró lọ́wọ́ ayálégbé. Nígbà tí ó bá fi káàdì kan àwo ní ibi tí ó sọ̀ sí, ẹ̀rọ yóò ṣírò ohun tí ó tọ́, yóò sì dá ìyókù padà. Bí kò bá kan án, kò sí ohun tí yóò dá padà. Owó tí ó ga jù ni ó san nìyẹn. Bí ó bá ti àwo Deptford Bridge wọlé ní ọjọ́ kejì láti lọ sí ilé ìjọsìn, ẹ̀rọ kò ní gbà pé ìjáde àná ni ó ń ṣe. Ìrìn tuntun ni yóò kà á sí, yóò sì tún dè é lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá wá sọ̀ sí ibùdókọ̀ mìíràn tí kò ní géètì, tí ó tún gbàgbé, ẹ̀ẹ̀mejì ni ó ti san owó ńlá. Báyìí ni £20 ṣe máa ń tán lọ́wọ́ àlejò ní ọjọ́ méjì, tí yóò sì máa sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ẹ̀rọ jalè.

Àṣìṣe kejì sì wà tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, èyí tí í ṣe kí ènìyàn wọ DLR láti ibùdókọ̀ tí kò ní géètì láìfi káàdì kan àwo rárá. Owó wà nínú Oyster rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n níwọ̀n bí àwo kò ti jẹ́rìí sí i, ẹni tí kò sanwó ni ó jẹ́ lójú òfin. Àwọn òṣìṣẹ́ máa ń wọ inú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ọwọ́ tí wọ́n fi ń wo káàdì, wọn yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Láti ọdún 2024, £100 ni owó ìtanràn. Bí ẹ bá san án kí ọjọ́ 21 tó pé, yóò di £50. Ẹ má ṣe bá wọn jiyàn pé ẹ ti ra káàdì. Rírà káàdì àti fífi káàdì hàn jẹ́ ohun méjì, gẹ́gẹ́ bí fífi owó sí àpò àti sísan án fún kọ́ńdọ̀ ti jẹ́ ohun méjì.

Báwo ni ènìyàn ṣe lè mọ̀ pé nǹkan ti lọ bí ó ti yẹ? Nígbà ìjáde, ojú àwo máa ń fi iye tí ó yọ àti iye tí ó kù hàn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹ wò ó. Bí ó bá pọ̀ ju ohun tí ẹ retí lọ, ẹ padà sí ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ́ káàdì yín lé àwo ìyeyè tí ó wà lára rẹ̀, kí ẹ sì ní kí ó fi àwọn ìrìn tí ẹ ti rìn hàn yín. Yóò to àwọn ìrìn àìpẹ́ yìí sílẹ̀ pẹ̀lú ibi ìwọlé, ibi ìjáde àti owó wọn. Ìrìn tí kò ní ibi ìjáde ni aláìpé. Ẹ lè bẹ àjọ náà kí wọ́n dá ìyàtọ̀ owó rẹ̀ padà, lórí ayélujára tàbí lórí fóònù. Kí ọmọ yín bá yín ṣe é ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an, nígbà tí ẹ ṣì rántí aago àti ibi tí ẹ sọ̀ sí. Ẹni tí ó bá gbàgbé lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń ṣàánú; ẹni tí ó bá ń gbàgbé lójoojúmọ́ kò ní rí irú àánú bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí owó inú káàdì bá fẹ́ tán, ẹ ó tún padà sí ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ náà láti kó owó sí i, níhìn-ín pàápàá ni ọ̀fìn kan wà. Ẹ ó kọ́kọ́ tẹ́ káàdì lé àwo ara ẹ̀rọ, kí ó fi iye tí ó kù hàn. Ẹ ó yan iye tí ẹ fẹ́ fi kún un, ẹ ó sì san owó. Owó ti wọlé, ṣùgbọ́n kò tíì dé inú káàdì. Ẹ̀rọ yóò ní kí ẹ tún tẹ́ káàdì lé àwo lẹ́ẹ̀kejì, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wà níbẹ̀ títí yóò fi sọ pé ó ti parí. Ẹni tí ó bá ti rò pé ọ̀rọ̀ ti tán, tí ó mú káàdì tí ó sì lọ, ti san owó tí káàdì rẹ̀ kò gbà. Mo máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n fi í wé fífi ọwọ́ sí ìwé gbígba owó ní báǹkì: òǹkà ti kà á, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì gbé e.

Fún àwọn tí káàdì báǹkì wọn bá ṣiṣẹ́, ìlànà ìwọlé àti ìjáde kò yàtọ̀, àfi pé ohun tí ẹ fi wọlé ni kí ẹ fi jáde. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti gbé káàdì báǹkì wọn sí inú fóònù. Bí ẹ bá fi fóònù wọlé, tí ẹ sì fi káàdì gan-an jáde, ẹ̀rọ yóò ka wọn sí ẹni méjì bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àpamọ́ owó kan ni wọ́n ń yọ láti inú rẹ̀: ọ̀kan wọlé kò jáde, ìkejì jáde láìwọlé, àwọn méjèèjì yóò sì san owó ńlá. Bí bátìrì fóònù bá sì kú lójú ọ̀nà, ẹ kò ní ohun tí ẹ ó fi jáde.

Bọ́ọ̀sì yàtọ̀, ó sì yẹ kí a ya á sọ́tọ̀ kí ó má bàa da ọ̀rọ̀ rú. Iye kan ni bọ́ọ̀sì ń gbà, yálà ìrìn náà gùn tàbí ó kúrú, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ ó fi káàdì kan àwo, nígbà tí ẹ bá ń wọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ tún kan án nígbà tí ẹ bá ń sọ̀. Ẹ má sì ṣe na owó níná sí awakọ̀. Láti oṣù keje ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù kò ti gba owó níná mọ́.

Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ara kọ́ ọ kí ó tó rìnrìn àjò kò ní láti rìn jìnnà sí Rẹ́mọ. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí gbé èrò láàárín Marina àti Mile 2 ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ń lo káàdì Cowry lọ́nà tí ó jọ èyí. Ti aláwọ̀ pupa, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, dé Agbádò ní ẹnu ààlà Ògùn. Ẹ ó ra káàdì, ẹ ó kó owó sí i, ẹ ó fi wọlé, ẹ ó sì fi jáde. Géètì wà níbẹ̀ tí yóò máa rán yín létí. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni òpó Deptford Bridge, èyí tí ẹ gbọ́dọ̀ fi ojú ara yín wá.

Bí ìbẹ̀wò bá parí tí owó sì kù nínú Oyster, ẹ̀rọ kan náà lè dá a padà bí kò bá ju £10 lọ, tí káàdì náà bá sì ti lé ní ọjọ́ méjì lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gba owó náà tán, káàdì ọ̀hún kò ní wúlò mọ́, £10 tí ẹ fi rà á sì ti lọ. Owó inú Oyster kì í sọnù nítorí pé ó pẹ́. Ìyá tí ó bá gbé tirẹ̀ padà sí Ṣágámù lè fi í sínú àpótí títí di ìgbà tí yóò tún lọ, tàbí kí ó fún aládùúgbò rẹ̀ tí bàálù rẹ̀ kù sí ọ̀la.